Ẹ̀kọ́ Kan, Ìtàn Kan Ti Tó

Àwa ò gbà pé ìwàásù òwúrọ̀ níbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní kókó márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Ta ni yóò rántí márààrún?

Ẹ wo Géhásì nínú Àwọn Ọba Kejì, orí 5. Èlíṣà kọ ẹ̀bùn Náámánì, àmọ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ sáré tẹ̀lé ọkùnrin náà, ó sì purọ́ gba fàdákà àti aṣọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: má fi orúkọ ọ̀gá gba ohun tí ọ̀gá kọ̀. Ẹ má fa ìwẹ̀ odò Jọ́dánì wọ̀ ọ́. Ìwàásù mìíràn nìyẹn. Bí ẹni tó gbọ́ ọ kò bá lè fi gbólóhùn kan sọ ọ́ fún ẹni tó pẹ́ dé, ẹ lọ tún un kọ.