Orúkọ Ìpè àti Ọ̀rọ̀ Àfihàn: Kí Ẹni Tó Ń Wá Ìkànnì Wa Lè Rí I

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dá ìkànnì fídíò sílẹ̀ lórí YouTube láàárín wa kì í wo ilé kankan kí wọ́n tó sọ tiwọn. Wọn a mú ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu, wọn a fi TV kún un, wọn a sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìkànnì náà wà fún ìgbéga àṣà ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa bèèrè ìdí tí àlejò kò fi yà sọ́dọ̀ wọn. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pé ibi méjì ni àlejò ti ń mọ ohun tí ìkànnì kan dá lé lórí, ìyẹn orúkọ ìpè rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àfihàn rẹ̀. Bí a bá kó gbogbo àṣà pọ̀ sí ibi méjèèjì yìí, a kò tíì júwe ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlù ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé onílù kan fẹ́ máa kọ́ àwọn tí kò lu ìlù rí ní ìlù dùndún. Orúkọ ìpè tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni `@AsaWaTV_2024`. Kí ni ó burú nínú rẹ̀?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí orúkọ ìpè jẹ́. Oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni YouTube bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìkànnì ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí `Handle`. Ó yàtọ̀ sí orúkọ gbangba tí ìkànnì ń jẹ́. Ìkànnì mẹ́wàá lè jẹ́ orúkọ gbangba kan náà, ṣùgbọ́n ìkànnì kan ṣoṣo ló lè ni orúkọ ìpè kan, nítorí òun ló ń tẹ̀lé `youtube.com/@` nínú ádírẹ́sì. Kò gbọdọ̀ kéré sí lẹ́tà 3, kò sì gbọdọ̀ ju 30 lọ. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni a fi ń kọ ọ́, a sì lè fi àmì bíi `_`, `-` tàbí `.` sí i láàárín. Lẹ́tà ńlá àti kékeré kò ní ìyàtọ̀ níbẹ̀: ojú kan náà ni YouTube fi ń wo `@IluDundun` àti `@iludundun`. Lẹ́tà ńlá wà fún ojú òǹkàwé nìkan, kí ó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí.

Etí ni ó yẹ kí a fi dán orúkọ ìpè wò. Ẹ pe orúkọ náà fún ẹnì kan lórí fóònù, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ láìrí i. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ láìṣì, orúkọ náà yege. `@AsaWaTV_2024` kò lè yege, nítorí ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ̀ pé ìlà wà níwájú nọ́ńbà, nọ́ńbà ọdún náà kò sì sọ nǹkan kan fún un. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, `Asa` tí kò ní àmì kì í ṣe àṣà nìkan. Ó lè jẹ́ àṣá, ẹyẹ tí ń gbé ọmọ adìyẹ, òun náà sì ni orúkọ olórin wa tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ yìí ń wá orin ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìlù.

Onílù wa lè sọ pé kí òun kúkú mú `dundun` nìkan. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àmì ohùn ti wúlò. Lára àwọn tí ń tẹ `dundun` láìfi àmì sí i, a lè rí oríṣi ènìyàn mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ń wá ìlù wa. Èkejì ń wá dùndú, iṣu díndín, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ń wá ìlù ńlá olójú méjì tí àwọn ará Gínì àti Málì ń lù pẹ̀lú jẹ́ḿbé, tí àwọn kan ń kọ ní `dunun`, tí àwọn mìíràn sì ń kọ ní `dundun`. Ìlù náà kì í sọ̀rọ̀ bí ti wa, a kì í sì í so ó mọ́ èjìká kí a máa fún osán rẹ̀. Ẹni tó ń wá èyí tàbí tó ń wá iṣu yóò wo ìkànnì wa fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, yóò sì kúrò.

Nítorí náà, orúkọ tó lè ṣiṣẹ́ ni èyí tó dárúkọ ohun tí à ń kọ́, tó sì dárúkọ ẹni tó ni ín: `@IluDundunYoruba`. Lẹ́tà 15 péré ni, ó rọrùn láti pè, kò sì sí nọ́ńbà tàbí ìlà nínú rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti gbà á, kí a má fi nọ́ńbà kún un, kí a wá ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀, bí `@LiluDundunYoruba`. Kí a sì ṣọ́ra fún `@EkoIluDundun`, nítorí ẹ̀kọ́ tí kò ní àmì ti di Èkó lójú ẹni tó bá kà á, yóò sì rò pé ìlú Èkó ni a fi ṣe ibùjókòó.

Kí onílù náà ṣe gbogbo èyí kí ó tó tẹ orúkọ náà sára aṣọ tàbí káàdì. YouTube gbà kí a yí orúkọ ìpè padà lẹ́ẹ̀méjì láàárín ọjọ́ 14, wọn a sì máa bá wa di èyí àtijọ́ mú fún ọjọ́ 14. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹlòmíràn lè gbà á, ohun tí a ti tẹ̀ jáde yóò sì máa darí àwọn ènìyàn wa sí ilé onílé.

Ó kan ọ̀rọ̀ àfihàn. Nínú YouTube Studio, a ó ṣí `Customization`, lẹ́yìn náà `Profile`, a ó sì kọ ọ́ sínú àpótí `Description`. Àpótí náà gba lẹ́tà àti àmì 1000, àlàfo inú rẹ̀ sì wà lára iye náà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ni ó ń hàn lójú ìwé ìkànnì, àfi bí àlejò bá tẹ̀ ẹ́ kí ó lè rí ìyókù. Nítorí náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dá dúró bí ẹni pé òun nìkan ni a kọ.

Ohun tí a sábà máa ń rí níbẹ̀ nìyí: «Ẹ káàbọ̀ sí ìkànnì wa tó gbayì. A wà láti gbé àṣà àti ìṣe Yorùbá lárugẹ. Ẹ máa bá wa ká lọ.» Ọ̀nà kan wà tí a lè fi dán an wò. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ ìkànnì onílù, kí ẹ gbé e sábẹ́ ti alásè, ti onítàn tàbí ti aláṣọ òkè. Bí ó bá bá gbogbo wọn mu, kò sọ nǹkan kan nípa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ wá fi èyí wé e:

«Ẹ kọ́ bí a ṣe ń lu ìlù dùndún ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn mìíràn ń pè ní `talking drum`, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mú kọ̀ǹgọ́ dání rí ni à ń kọ́. Gángan ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyá ìlù àti gúdúgúdú sì ń tẹ̀lé e. Ẹ̀kọ́ kan ń jáde ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èdè Yorùbá ni a ń sọ, a sì ń kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ fídíò. A kì í ta ìlù, a kì í sì í gba iṣẹ́ òde àríyá.»

Gbólóhùn àkọ́kọ́ dárúkọ ohun tí à ń kọ́, ẹni tó ni ín, àti orúkọ tí àjèjì mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀rọ̀ náà `talking drum` kò tó fúnra rẹ̀, nítorí àwọn Haúsá ní kàlàngú, àwọn ará Gánà àti Sẹ̀nẹ̀gà náà sì ní tiwọn. Orúkọ Yorùbá tó ṣáájú rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀. Gbólóhùn kejì sọ ẹni tí ẹ̀kọ́ wà fún, kí ọ̀gá onílù má bàa wọlé kí ó sì bínú jáde. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ń dá àwọn tí kì í ṣe tiwa padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí a kò bá lè mú un ṣẹ, kí a yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò rí nǹkan kan kò ní padà wá mọ́.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé orúkọ ìpè kò ní àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ ni àmì sì pé lára ọ̀rọ̀ àfihàn. A mọ̀ọ́mọ̀ pín iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù láìfi àmì sí i, orúkọ ìpè sì ń dúró dè wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà ní tòótọ́ yóò rí i nínú ọ̀rọ̀ àfihàn. Kò sí ìdí láti kọ ọ̀rọ̀ kan ní ojú mẹ́rin.

Bí ó bá jẹ́ bàtá ni à ń kọ́, iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ náà á tún le sí i. Ẹni tó tẹ `batá` lè máa wá ti Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ ti fi í sílẹ̀ fún ìran wọn, tí ìlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń jẹ́ iyá, itótele àti okónkolo. Kí ìkànnì náà sọ ní gbólóhùn àkọ́kọ́ bóyá bàtá ilẹ̀ Yorùbá ni tàbí ti Kúbà. YouTube tún gbà wá láyè láti kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ àfihàn ní èdè mìíràn, èyí tí ará Kúbà tó ń lo èdè Sípáníìṣì yóò mọrírì rẹ̀.

Ẹ má ṣe retí pé ọ̀rọ̀ àfihàn nìkan ni yóò mú àwọn ènìyàn wá. Àkọlé fídíò kọ̀ọ̀kan, ohun tó wà nínú rẹ̀, àti bí àwọn òǹwòran ṣe ń dúró wò ó ni ìwákiri YouTube ń gbé yẹ̀ wò jù. Kí a má sì to Ifá, Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti orúkọ àwọn òṣèré jọ sínú ọ̀rọ̀ àfihàn ìkànnì ìlù, nítorí òfin YouTube lòdì sí fífi orúkọ tí kò bá iṣẹ́ mu tan ènìyàn wọlé.

Lẹ́yìn oṣù kan, kí onílù wa ṣí `Analytics`, kí ó wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lábẹ́ `YouTube search`. Bí ó bá rí «gángan» tàbí «bí a ṣe ń lu ìlù», ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé ibi tó yẹ. Bí iṣu àti ata bá pọ̀ níbẹ̀, àkọlé àwọn fídíò rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe: kí ó fi «ìlù» ṣáájú «dùndún» nínú gbogbo wọn, kí ó sì rí i pé gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ àfihàn ń sọ ohun kan náà.