Ẹ má fi sóyà ọmọ adìẹ ṣe ìfowópamọ́

Bí sóyà bá ti wọ́n lọ́jà, ìmọ̀ràn kan náà ni ẹni tó ń po oúnjẹ adìẹ bírọ́ílà fúnra rẹ̀ máa ń gbọ́, ìbáà jẹ́ ní Kàdúná tàbí ní Kùmásí: "Dín sóyà kù, fi àgbàdo dí i. Ọmọ adìẹ ò lè mọ̀." Èmi náà gba ìmọ̀ràn yìí rí, mo sì jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Ọmọ adìẹ ló tètè ń mọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pùrótéènì inú àgbàdo tó ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 44. Láti ọjọ́ kìíní di òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ bírọ́ílà nílò ìdá 22. Nínú oúnjẹ 100 kìlò, ẹ yọ kìlò 8 sọ́tọ̀ fún eegun lílọ̀, ìkarahun, epo, iyọ̀, pírímíìsì àti mẹtiónììnì, tí àgbàdo àti sóyà kò ní tó. Àgbàdo kìlò 53 àti sóyà kìlò 39 ló máa gbé ìyókù dé ìdá 22. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta, ìdá 19 ti tó: àgbàdo 61, sóyà 31.

Ìyàtọ̀ méjèèjì kò ju kìlò 8 sóyà lọ. Ṣùgbọ́n adìẹ kan ń jẹ nǹkan bí kìlò kan péré ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó lè jẹ kìlò mẹ́ta àtààbọ̀. Lórí ọgọ́rùn-ún adìẹ, ẹni tó dín sóyà kù láti ìbẹ̀rẹ̀ fi kìlò 8 pamọ́. Ẹni tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn, tó wá dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin dípò kó máa fún wọn ní oúnjẹ ọmọ títí dé ọjọ́ títà, fi kìlò 28 pamọ́. Èwo ni ọgbọ́n nínú méjèèjì?

Wọ́n á ní kò sówó lọ́wọ́ nígbà tí a ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni oúnjẹ wọn kéré jù. Tèmi tí mo fi sóyà dù, ìyẹ́ wọn kò kún, wọn kò dọ́gba, nígbà tí a sì la ikùn wọn, ọ̀rá ló kún ibẹ̀.

Ẹ wọn wọ́n ní ọjọ́ keje. Ọmọ adìẹ tó wọn gíráàmù 40 lọ́jọ́ kìíní yẹ kó ti tó nǹkan bí 160. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tí omi àti ooru kò sì wọ́n wọn, oúnjẹ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ yẹ sóyà náà wò pẹ̀lú: bí iná kò bá kàn án dáadáa, kì í jẹ́ kí pùrótéènì dà nínú adìẹ, iye tó wù kó wà nínú àpò.

Ìfowópamọ́ wà nínú oúnjẹ adìẹ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló wà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kìíní.