Ẹ̀yin Onínéèlì Igbó-Ọrà, Ojú Kò Tì Yín?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ èékánná, tí ẹ ń gé e, tí ẹ ń kùn ún láàárín ìlú wa, láti ọ̀nà Ẹ̀rúwà títí dé ọ̀nà Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ yín ti sú mi, ó sì dùn mí. Ó sú mi nítorí pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí nítorí pé ẹ mọ̀ ọ́n tán, ẹ kò ṣe é. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí mo bá dákẹ́ lórí èyí, kí ni n ó wí fún àwọn tó bí mi nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ní àsìkò ọdún ìbejì, nígbà tí àlejò kún ìlú, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ. Àwọn ìbejì kan wọlé, aṣọ kan náà, gèlè kan náà, wọ́n sì fẹ́ kí èékánná wọn bára mu. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ mú ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń gé awọ ìdí èékánná, ó bẹ̀rẹ̀ lára Táíwò. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní ìka àárín, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó fi òwú nù ún. Ó da spírítì sórí òwú mìíràn, ó fi nu ẹnu ẹ̀mú náà lẹ́ẹ̀kan, ó bá na ọwọ́ sí Kẹ́hìndé: "Àǹtí, ó kàn yín."

Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe èyí tó gé ẹnìkejì rẹ̀ lo tún fẹ́ fi gé e?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ìbejì mà ni wọ́n. Inú kan náà ni wọ́n ti wá."

Inú kan náà! Ṣé inú kan náà ni wọ́n ṣì wà ni? Ṣé ọkọ kan ni àwọn méjèèjì fẹ́? Ṣé abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n jọ gbà, ṣé ọ̀dọ̀ onídìrí kan ni wọ́n jọ ń lọ? Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó ní àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní B, lè máa jó, kó máa rẹ́rìn-ín, kó má mọ̀ pé ó wà lára òun. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, ó tó mẹ́jọ tó gbé e sára. Kòkòrò yìí kò sì dà bí ti éèdì tí kì í pẹ́ kú nígbà tó bá ti kúrò lára ènìyàn. Nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tí ojú kò tilẹ̀ rí, ó lè wà láàyè fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje! Ẹni mélòó ni ẹ̀mú kan ń gé láàárín ọjọ́ méje ọdún?

Spírítì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi nu tábìlì, ẹ fi pa ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ti há sí ibi tí ìṣó so ẹsẹ̀ ẹ̀mú méjèèjì pọ̀, ṣé òwú lè dé ibẹ̀? Àpótí kékeré oníná búlúù tí ẹ gbé síwájú kí oníbàárà lè rí i ńkọ́? Ibi tí iná bá tàn dé nìkan ló ń ṣiṣẹ́; abẹ́ irin àti ìdí ìṣó, òkùnkùn ni. Mo tilẹ̀ ti gbọ́ ẹni tó ń ki irin bọ abẹ́ iná tí wọ́n fi ń gbẹ jẹ́ẹ̀lì, tó ní ó ti mọ́. Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?

Ẹ ń fi àwọn ará Òkè Ọya tó ń lu síísọ̀ kiri ọjà ṣe yẹ̀yẹ́, pé síísọ̀ kan ni wọ́n fi ń gé èékánná gbogbo ayé. Kí ló yàtọ̀ sí tiyín, yàtọ̀ sí fáànù àti dígí? Àwọn baba yín tí ẹ ń pè ní ará oko, ẹ lọ wò wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ lónìí, adáhunṣe yóò ní kó ra abẹ́ tuntun dání. Adáhunṣe mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé kò mọ̀ ọ́n. Ìtìjú dà?

Ẹ gbọ́ bó ṣe yẹ kó rí. Bí oníbàárà bá ti dìde, irin tí ẹ lò fún un kò gbọdọ̀ padà sórí tábìlì. Inú abọ́ ìdọ̀tí ni kó bọ́ sí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ la ẹnu ẹ̀mú, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí awọ àti ẹ̀jẹ̀ yóò fi tán níbẹ̀. Ẹ má fo èyí o. Bí ìdọ̀tí bá wà, ìdọ̀tí ni Jíìkì yóò lo agbára rẹ̀ lé lórí, yóò sì fi kòkòrò sílẹ̀. Jíìkì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bó ṣe wà lára ìgò, ife kan sí ife omi mẹ́fà ló tó fún ohun tó kan ẹ̀jẹ̀. Kí irin lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kò parí. Bó bá pẹ́ jù, irin yóò dípẹtà. Àràárọ̀ ni kí ẹ máa po tuntun, nítorí èyí tó sùn mọ́jú ti dẹ̀. Ẹ má sì da spírítì tàbí asitóònù mọ́ ọn, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ kò dára fún àyà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣan irin, ẹ nù ún gbẹ.

Ìyẹn kò tíì tó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Omi tó ń hó nínú ìkòkò lásán kì í gbóná ju 100°C lọ, àwọn kòkòrò kan sì wà tó ń sá sínú èèpo líle tí ìyẹn kò ràn. Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò ọ́tókíléèfù tí a dé pa, oru omi ń gbóná dé 121°C, kò sì sí èyí tó lè yè é. Kí ẹ̀mú la ẹnu sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ìkòkò kọ́kọ́ tú jáde, torí pé afẹ́fẹ́ tó bá há kì í jẹ́ kí oru dé ara irin. Bí irin bá wà nínú àpò bébà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ìgbà tó bá sì dé 121 ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ìgbà tí ẹ ṣáná sí i. Ní ti fáìlì pátákó, báfà àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń ti awọ, kò sí bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́ tí yóò mọ́ dé inú. Ti ẹnìkan ni. Kó mú un lọ sílé, tàbí kí ẹ jù ú nù.

Ẹ ó ní kò sí owó, ẹ ó ní kò sí iná. Ṣé ẹ gbàgbé ẹni tó wà ní Ẹ̀rúwà níbí? Dókítà Olúyọ̀mbọ̀ Awójọbí dé ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ lọ́dún 1983, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1986, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn àgbẹ̀ wa títí ó fi kú lọ́dún 2015. Sílíńdà gáàsì ló sọ di ìkòkò tó fi ń se irin iṣẹ́ abẹ. Àgbá kẹ̀kẹ́ ológere ló sọ di ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ wò. Kò dúró de ẹnikẹ́ni. N kò ní kí ẹ lọ jó sílíńdà o, ó lè bú gbàmù mọ́ yín lójú. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Bí apá kò bá ká a, ẹ ra ìkòkò pùrẹ́ṣọ̀ tó ń dé ìwọ̀n páún 15, kí ó sì jẹ́ ti irin nìkan, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń se ṣàkì. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Ìbàràpá láti kọ́ ìtọ́jú ìlera àwùjọ. Ìlú tí wọ́n ti ń wá kọ́ ìlera, ibẹ̀ ni ẹ ti ń fi òwú pa iná?

Omi ìfọsẹ̀ náà ńkọ́? Ní Watsonville, ní Kalifọ́níà, lọ́dún 2000, ó lé ní ọgọ́rùn-ún oníbàárà ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tí eéwo so lójúgun. Nígbà tí àwọn olùwádìí tú ibi tí agbada ìfọsẹ̀ ti ń fa omi, irun àti èèpo ara ènìyàn ni wọ́n bá níbẹ̀. Bàsíà tiyín kò ní ẹ̀rọ, ó rọrùn láti fọ̀. Kí ló wá dé tí ẹ kàn ń da omi nù, tí ẹ tún ń bu òmíràn sí i?

Wàyí o, ẹ má ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ẹ já àpò bébà lójú oníbàárà, kí ó rí àmì ara rẹ̀ tó ti yí àwọ̀ padà. Kí ẹ sì mọ̀ pé àmì náà ń sọ pé irin rí ooru ni, kò sọ pé ó pẹ́ tó nínú rẹ̀. Nítorí náà ni ìwé fi gbọ́dọ̀ wà: ọjọ́, nọ́ńbà àpò, aago tí ìkòkò dé 121, aago tí ẹ pa iná, orúkọ ẹni tó sè é, àti ẹni tí ẹ já àpò náà fún. Bí ẹ bá gé ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ ọ́. Bí oníbàárà bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ bi í kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Obìnrin kan ṣe èékánná ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ajé, àkàndùn ti wú u níka, ọkọ rẹ̀ sì dé pẹ̀lú lọ́yà. Òfin ọdún 2018 tí àjọ FCCPC ń lò fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó péye. Adájọ́ yóò bi yín pé: ṣé ẹ ṣe ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ tó ń ṣọ́ra ṣe? Ẹni tó ní ìwé yóò ṣí i: àpò kejìlá, aago méjì dé 121, aago méjì kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n pa iná, wọ́n já a lójú rẹ̀, kò sí ọgbẹ́. Ìwé kò lè sọ pé àkàndùn kò wú, ṣùgbọ́n ó lè sọ pé ọwọ́ yín mọ́. Ẹni tí kò ní ìwé ńkọ́? Ẹnu lásán ni, ẹnu oníbàárà sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú tiyín. Ẹni tó bá jókòó kọ ti oṣù kan pa pọ̀ ní ọjọ́ kan ńkọ́? Bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, kò sí ọjọ́ tó fò. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Pátákó tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri pé "ewu wà lọ́rùn oníbàárà" kò sì ní dí adájọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ̀yin náà kò mọ́ o. Ẹ ń ná iye owó, ẹ kò bèèrè ibi tí irin ti wá. Bí wọn kò bá já àpò lójú yín, ẹ gbé báàgì yín, ẹ dìde.

Ẹ̀yin onínéèlì, ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá tíì gbé ìkòkò, kò sí ẹni tó fi dandan lé e pé kó gé awọ ìdí èékánná. Kó fi omi rọ̀ ọ́, kó fi igi tuntun tì í sẹ́yìn, kó kùn ún, kó gba owó rẹ̀. Títí tí ìkòkò yóò fi dé, ẹ gbé ẹ̀mú yẹn sílẹ̀.