Ìkéde gbígba ilẹ̀: Bí ìtumọ̀ Yorùbá ṣe lè ṣi àgbẹ̀ lọ́nà

Bí ìjọba bá fẹ́ la ọ̀nà tuntun, orí ilẹ̀ ẹnìkan ni ọ̀nà náà yóò gbà kọjá. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 gba orí ilẹ̀ àwọn èèyàn kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà etí òkun tó ń lọ láti Èkó sí Kàlàbá, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 2024. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ọba fi ń kọ ìkéde gbígba ilẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kó dé etí àwọn ará oko, wọn a ní kí ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí wọ́n lè kà á lórí rédíò, tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ibi ìtumọ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti lè yí padà, tí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kò sì ní fura.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978, ní abala 28, fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ padà fún ìlò ará ìlú. Ọjọ́ tí ìwé ìkéde bá tẹ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ dópin, àfi bí ìwé náà bá dá ọjọ́ mìíràn tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 29 ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú. Ṣùgbọ́n abala 47 sọ pé ilé ẹjọ́ kò lágbára láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó tàbí kò tó. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lóye ìkéde náà láti ìbẹ̀rẹ̀ lè má rí ibi tí yóò ti tún un ṣe mọ́.

Ká mú àpẹẹrẹ kan tí a hun fún àlàyé yìí, tí kì í ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀ kankan. Ìkéde náà jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Ti Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìjọba ti gba ilẹ̀ kan fún ọ̀nà, pé kí àwọn tó ní in, àwọn tó ń lò ó àti gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ kan tàbí òmíràn lórí rẹ̀ kọ̀wé béèrè owó wọn kí ọjọ́ 21 tó kọjá, pé kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́lé síbẹ̀ mọ́. Yorùbá tí wọ́n gbé jáde nìyí:

“Ìkéde ni a ń fi fún gbogbo ènìyàn nípa báyìí pé Ìjọba ti ra ilẹ̀ ojú ọ̀nà náà. Kí gbogbo onílẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ní ìfẹ́ sí ilẹ̀ náà mú ìwé wọn wá lẹ́yìn ọjọ́ 21, láti gba owó àtúnṣe. E ma ko ile tuntun sibe.”

Ẹni tó bá yára kà á lè sọ pé kò sóhun tó ṣe é. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ta ni ìkéde náà ń bá wí?

Òfin náà kò mọ sí orí onílẹ̀ nìkan. Ó ka ẹni tó ń lo ilẹ̀ lọ́nà tó bá àṣà ìbílẹ̀ mu mọ́ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó. Nílẹ̀ Yorùbá, onílẹ̀ ni ìdílé tó ni ilẹ̀. Àgbẹ̀ tó wá láti ìlú mìíràn, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tó sì ti gbin kòkó síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, kì í pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀, àwọn tó ni ilẹ̀ kò sì ní gbà kó pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbọ́ “gbogbo onílẹ̀”, yóò jókòó sílé rẹ̀, yóò gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun, bẹ́ẹ̀ òun ló gbin igi kòkó tí wọ́n fẹ́ sanwó lé lórí.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni “àwọn tí wọ́n ní ìfẹ́ sí ilẹ̀ náà”. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń túmọ̀ sí ìfẹ́ sí nǹkan, tó sì tún ń túmọ̀ sí ẹ̀tọ́ lórí ohun ìní. Èyí èkejì ni òfin ń sọ. Èyí àkọ́kọ́ ni atúmọ̀ mú. Létí Yorùbá, ẹni tó ní ìfẹ́ sí ilẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Ìkéde tó yẹ kó pe àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ti di ìkéde tó ń wá oníbàárà.

Owó kí ni?

“Ti ra” kò tọ̀nà, nítorí ẹni tó bá ra nǹkan ti dúnàádúrà pẹ̀lú ẹni tó tà á. Àwọn mìíràn a máa lo “gbẹ́sẹ̀ lé”, ìyẹn náà kò sì dára, torí ohun tí ìjọba bá gbẹ́sẹ̀ lé dà bí ohun ìní ẹni tó ṣẹ̀ sófin, tí wọ́n ṣì lè dá padà lọ́la. “Gbà” ló sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ní ti “owó àtúnṣe”, ohun tí òfin ń sọ ni ohun tí èèyàn fi owó tàbí agbára rẹ̀ ṣe sórí ilẹ̀, tó sì mú kí ilẹ̀ náà wúlò sí i: ilé, ọgbà, kànga, oko kòkó tàbí ti ọ̀pẹ, àti ohun ọ̀gbìn tó ṣì wà lórí ìdúró. Àtúnṣe létí àgbẹ̀ ni títún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò bàjẹ́ rí kò ní mọ̀ pé òun ní ohunkóhun láti kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ tún un ṣe, tó wá kọ “owó ilẹ̀”, yóò ṣèlérí ohun tí òfin kò ṣe. Lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kìkì owó ìyálò tí wọ́n san lọ́dún náà, bó bá wà, ni abala 29 ní kí wọ́n dá padà.

Ọjọ́ wo?

Láàárín ọjọ́ 21 ni ti Gẹ̀ẹ́sì wí. “Lẹ́yìn ọjọ́ 21” ti yí i po: àgbẹ̀ tó bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu yóò dé ọ́fíìsì nígbà tí ilẹ̀kùn ti tì. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ “láàárín”, ìṣòro mìíràn ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà. Ìdí nìyí tí ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrún. Òfin tó ń darí ìtumọ̀ àwọn òfin ní Nàìjíríà kò ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn. Bí àgbàlagbà bá kà á láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, yóò bọ́ sí ọjọ́ 23. Bí lọ́yà bá kà á, yóò bọ́ sí ọjọ́ 24. Kí ìkéde náà dárúkọ ọjọ́ tó parí gan-an, kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ìka ṣírò.

Gbólóhùn ìkẹyìn kò ní àmì ohùn, bí ọ̀pọ̀ ìkéde ara ògiri ṣe máa ń rí. “Ẹ má kọ́ ilé” jẹ́ òfin tó ń dáni dúró. “Ẹ máa kọ́ ilé” jẹ́ àṣẹ pé kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú. Bí àmì kò bá sí, òǹkàwé ni yóò yan èyí tó wù ú. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n kọ ọ́ pé “ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́lé”. Bí ẹni tó ń tẹ̀wé bá tilẹ̀ gbàgbé gbogbo àmì rẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè kà á sódì.

Bí wọ́n ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò

Ọ̀nà kan tí àwọn atúmọ̀ èdè mọ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ìlera pẹ̀lú sì ń lò fún ìwé ìbéèrè wọn, ni kí wọ́n gbé ti Yorùbá fún ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n wá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀nà yìí dára. Yóò mú “ti ra”, yóò sì mú “lẹ́yìn ọjọ́ 21”.

Àmọ́ kò ní mú “ìfẹ́” àti “àtúnṣe”. Ẹni tó ń dá a padà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ti rí “ìfẹ́ sí ilẹ̀”, ọ̀rọ̀ kan náà tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ ni yóò bọ́ sí i lẹ́nu. Àwọn ìwé méjèèjì yóò bára mu rẹ́gí, ọ̀gá ọ́fíìsì yóò fọwọ́ sí i, àgbẹ̀ nìkan ni yóò ṣì í gbọ́. Àṣìṣe tó léwu jù ni èyí tó padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìní àbàwọ́n.

Ìdí nìyí tí ìdánwò kejì fi ṣe pàtàkì. Kí wọ́n ka ìkéde náà sókè lẹ́ẹ̀kan, bí wọn yóò ṣe kà á lórí rédíò, fún àwọn méjì mẹ́ta tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí onílẹ̀ kan àti ẹnìkan tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ wà nínú wọn. Kí wọ́n má bi wọ́n pé “Ṣé ó yé yín?”, nítorí ẹni tó mọ ìwà hù yóò ní ó yé òun. Kí wọ́n béèrè pé: Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn? Kí ni onítọ̀hún yóò kọ sínú ìwé? Ọjọ́ wo ló parí? Ibi tí ìdáhùn bá ti yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n tún ṣe. Ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti rí i pé “ìkéde ni a ń fi fún gbogbo ènìyàn nípa báyìí” kò ba ìtumọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí etí ti sú olùgbọ́ kí ọ̀rọ̀ gidi tó dé.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò méjèèjì, ìkéde náà lè wá rí báyìí:

“Ìjọba ti gba ilẹ̀ tí ọ̀nà tuntun yóò gbà kọjá. Ẹni tó ni ilẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń dáko tàbí tó ń gbé níbẹ̀, tó fi mọ́ ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, àti ẹnikẹ́ni mìíràn tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ náà, lè béèrè owó gbà-má-bínú lórí ilé, kànga, igi àti ohun ọ̀gbìn tó jẹ́ tirẹ̀. Kí ó kọ wọ́n sínú ìwé, kí ó sì mú un wá sí ọ́fíìsì ilẹ̀, ó pẹ́ tán ọjọ́ 24 oṣù Kẹta. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́lé tuntun sórí ilẹ̀ náà mọ́.”

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ bá gbọ́ ọ lórí rédíò, yóò mọ̀ pé wọ́n pe òun, yóò mọ ohun tí yóò kọ sílẹ̀, yóò sì mọ ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì.