Ẹ tún lẹ́tà yẹn kà kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Sanson, ẹ jẹ́ ká gbà pé pọ́ǹpù omi àdúgbò yín bàjẹ́. Oníṣẹ́ ní àtúnṣe rẹ̀ máa ná 150.000 fáráǹkì. Ilé kọ̀ọ̀kan dá 500. Ẹ wá kọ lẹ́tà sí kọ́múùnù Tchaourou pé kí wọ́n fi ìyókù kún un. Ẹ má tí ì pa á dé.

Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé náà sórí ẹní. Lẹ́tà sọ pé ìwé 3 ló tẹ̀ lé e: ìwé ìpàdé, ìwé iye owó tí oníṣẹ́ kọ, àti orúkọ àwọn tó dá owó. Ẹ kà wọ́n: 2 péré ni. Ìwé orúkọ ṣì wà nínú àpótí akápò. Láìsí i, ta ló máa mọ ẹni tó dá owó?

Ẹ wo orúkọ wàyí. Nínú lẹ́tà, ẹ pe akápò ní Ìyá Ìbejì. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló wà nínú káàdì rẹ̀. Ẹ gba káàdì náà, kí ẹ da orúkọ kọ bó ṣe wà níbẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ má fi etí kọ ọ́.

Ọjọ́ ńkọ́? Lẹ́tà jẹ́ ti ọjọ́ 12 oṣù Mááṣì 2024. Ìwé ìpàdé ní Jímọ̀ ọjọ́ 15 lẹ jókòó. A jẹ́ pé lẹ́tà ń ròyìn ìpàdé tí kò tíì wáyé! Ohun tó fà á ni pé ẹ ti kọ lẹ́tà sílẹ̀ kí ìpàdé tó sún síwájú, ẹ kò sì ṣí ọjọ́ náà padà.

Owó ló máa ń yọni lẹ́nu jù. Lẹ́tà ní ẹ ti dá 23.000. Orúkọ tó wà nínú ìwé jẹ́ 48, 500 lọ́nà 48 sì jẹ́ 24.000. Ẹ má kàn pa iye kan rẹ́ kí ó lè bá èkejì mu. Ẹ ka owó tó wà nínú àpótí. Bó bá jẹ́ 24.000, a jẹ́ pé ilé 2 ló san lẹ́yìn tí ẹ ti kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kò tíì tán: 127.000 tí ẹ fẹ́ tọrọ gbọ́dọ̀ di 126.000.

Ẹni tó kọ lẹ́tà kò gbọdọ̀ dá a yẹ̀ wò, torí ojú rẹ̀ ń ka ohun tó ní lọ́kàn. Kí ẹlòmíràn kà á sókè, kí òun di àwọn ìwé yòókù mú. Tí ẹ bá dà á kọ tán, ẹ tún kà á bẹ́ẹ̀, nítorí àṣìṣe tuntun lè wọlé níbi àdàkọ. Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú àpótí.