Ìwé Tí Etí Rẹ̀ Kò Ká, Ọmọ Kankan Kò Kà Á

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan ń ṣiṣẹ́, kí ó má wo ọ̀dà ara ògiri rẹ̀. Kí ó fa ìwé mẹ́wàá yọ lórí pẹpẹ, kí ó wo etí wọn. Bí wọ́n bá ṣì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn dé, tí kò sì sí orúkọ ọmọ kankan nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó yá ìwé, ilé ìṣúra ni ibẹ̀, kì í ṣe ilé ìkàwé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkómàìkò gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀jọ́ ni Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó wà láti 1983, ó sì ní ilé ìkàwé ńlá. Síbẹ̀, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ kan náà ni a ti rí abúlé orí omi bí Ìrẹ̀wẹ̀, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń débẹ̀. Ọmọ tí kò sí ìwé ìtàn nílé wọn kò ní ibòmíràn tí yóò ti bá ìwé pàdé ju ilé ẹ̀kọ́ lọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti ìwé mọ́lé, ó parí nìyẹn.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè yìí ti pàṣẹ pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pèsè owó fún ilé ìkàwé ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ìbẹ̀rù ló ń ba nǹkan jẹ́. Olùkọ́ tí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ mọ̀ pé lọ́jọ́ àyẹ̀wò, iye ìwé tó sọnù ni wọn yóò bi òun. Wọn kì í béèrè iye tí àwọn ọmọ kà. Ẹni tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ yóò ra àgádágodo, a kò sì lè dá a lẹ́bi.

Àwọn tó ń gbèjà àgádágodo a máa sọ pé àwọn ọmọ yóò ya ìwé, wọn yóò sì sọ ọ́ nù. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká ní kíláàsì kan ní ọmọ 40 àti ìwé 50. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ń mú ìwé kan lọ sílé lọ́sẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 10 a ó ti yá ìwé nígbà 400. Bí ìwé márùn-ún bá sọnù, ẹyọ kan ni ó sọnù nínú 80 tí a yá. Owó ìwé márùn-ún yẹn kì í ṣe òfò. Òun ni owó tí ìwé kíkà ń náni. Òfò gan-an ni ìwé 50 tí kò sọnù, tí ikán wá jẹ.

Àwọn mìíràn ní kí á kọ́kọ́ kọ́lé ná. Kò di dandan. Àpótí onígi tí òjò kò lè wọ̀ tó fún ìwé 50. Ká ní àpótí mẹ́ta wà, ọ̀kan ní Ìrẹ̀wẹ̀, ọ̀kan ní Ìbà, ọ̀kan ní Òkòkómàìkò. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pààrọ̀ wọn. Kí ọdún ẹ̀kọ́ tó yí po, ìwé 150 ti dé iwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí èyí ń fẹ́ ni olùkọ́ kan tó ní wákàtí fún un lórí ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀, tí a kò fi kún iṣẹ́ tó ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn tẹ́lẹ̀.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòún Ògúnṣẹ̀yẹ, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ló dá ilé ìkàwé àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Abadina, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré Yunifásítì Ìbàdàn ń gbé. Kò ní kí àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ máa wo ilé ìkàwé àwọn ọ̀mọ̀wé láti òkèèrè. Ó gbé ìwé lọ bá wọn ní àdúgbò wọn. Ohun tí fásitì ṣe fún Abadina, kí ló dé tí a kò fi ní béèrè rẹ̀ fún abúlé tó yí fásitì Ọ̀jọ́ ká?

Ohun kan ṣoṣo ni kí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ yí padà: ìbéèrè ọjọ́ àyẹ̀wò. Kí ayẹ̀wéwò dẹ́kun kíka ìwé orí pẹpẹ. Kí ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀, kí ó pe ọmọ mẹ́ta tí orúkọ wọn wà níbẹ̀, kí ó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n kà. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá mọ̀ pé èyí ni wọn yóò bi òun, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí àgádágodo náà.