Èrè Ha Wà Nínú Pọfpọf Bí?

Obìnrin kan tí ó ń dín pọfpọf lẹ́bàá ilé-ìwé wa wá bá mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi wò ó o. Ojoojúmọ́ ni mo ń jèrè tó ₦5,000, ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ bá parí, n kì í rí owó ra fúláwà." Mo ní, "Ìyá, ẹ jókòó, kí a jọ ṣírò rẹ̀."

Fúláwà kílò 4 ni ó pò lọ́jọ́ náà, ₦6,000. Ṣúgà jẹ́ ₦1,300. Yíìsì àti iyọ̀, ₦500. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦7,800. Pọfpọf 200 ni ó rí dín. Ó dì wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin sínú ọ̀rá 50, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦300. Ó ta 43, ó gba ₦12,900. Ó yọ ₦7,800 kúrò, ó ku ₦5,100. Èyí ni ó ń pè ní èrè.

Mo ní, "Òróró ńkọ́?" Ó ní, "Òróró ti wà nílé." Òróró tí ó wà nílé náà, owó ni a fi rà á! Ní ọjọ́ kejì, a wọn òróró kí ó tó dín, a sì tún un wọ̀n nígbà tí ó tutù. Lítà 1 ti lọ, ₦2,800. Bí òróró kò bá gbóná tó, pọfpọf yóò mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ óò mọ̀ nítorí òróró yóò yí ẹni tí ó bá mú un lọ́wọ́. A gbé sílíńdà gáàsì lé òṣùwọ̀n ṣáájú àti lẹ́yìn, ó jẹ́ ₦900. Ọ̀rá àti bébà jẹ́ ₦500. Gbogbo ìnáwó di ₦12,000. Èrè òtítọ́ ti ọjọ́ náà jẹ́ ₦900 péré, a kò sì tíì ka owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rá 7 tí kò tà ńkọ́? Àwọn ọmọ ilé jẹ díẹ̀, ìyókù le di ọjọ́ kejì. Ẹ pín ₦12,000 sí ọ̀nà 50: ₦240 ni ọ̀rá kan ná an. Èrè orí èyí tí ó bá tà jẹ́ ₦60. Nítorí náà, ọ̀kan tí kò tà ti jẹ èrè mẹ́rin tí ó tà. Bí 10 bá ṣẹ́kù, òfo ni ó ṣe.

Mo ní kí ó máa kọ iye tí ó bá tà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì máa po ìwọ̀n tí ó bá a mu. Fúláwà kílò mẹ́ta àti ààbọ̀ yóò fún un ní ọ̀rá 43. Bí wọ́n bá tà tán, èrè rẹ̀ yóò súnmọ́ ₦2,500, láìjẹ́ pé oníbàárà kan lé sí i.

Ẹ̀yin aládìn-ín, ẹ lọ wọn òróró yín wò. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.